Ìtọ̀ púpọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kíndìnrín dá ṣáṣá

"Àbúrò, wọ́n ní kíndìnrín mi ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́, ṣé ó lè máa tọ̀ bí mo ṣe ń tọ̀ yìí? Lóru nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo máa ń dìde."

Bọ̀dá kan tó ń tún mọ́tò ṣe ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tó kó ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wá. Ọmọ ọdún 45 ni, ó ki pọ́pọ́, ó sì wọn kílò 80. Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọ̀sẹ̀ kan tí n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹnì kan. Tí ìtọ̀ bá ń jáde dáadáa, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Tí ìtọ̀ bá pọ̀, kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ gidi. Torí èyí náà ni àwọn kan ṣe ń da omi sí ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, wọ́n ní àwọn ń fọ kíndìnrín.

Mi ò dá wọn lẹ́bi, ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ibi tó ti wọ́ ni pé wọ́n rò pé ìwọ̀n omi tí kíndìnrín sẹ́ náà ni ìwọ̀n ìtọ̀ tó jáde. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ga ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Inú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù kan asẹ́ kéékèèké. Òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín tó lọ́ra pọ̀ bí òwú ni asẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sínú ife kékeré kan. Ẹ̀jẹ̀ wọ inú òpó yìí, omi inú rẹ̀ yọ́ gba ara òpó sínú ife, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àti èròjà amúaradàgbà ńláńlá kò sì lè kọjá. Tí ara bá le, gbogbo asẹ́ inú kíndìnrín méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi mílílítà 125 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, lítà 180 ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méje kò gbà á tán. Omi ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ènìyàn kò sì ju nǹkan bíi lítà mẹ́ta lọ, ìyẹn ni pé omi kan náà ń gba inú asẹ́ kọjá bí ìgbà 60 lójúmọ́.

Ìtọ̀ tí ẹni náà yóò tọ̀ lójúmọ́ ńkọ́? Bíi lítà kan ààbọ̀. Ìyókù ti padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fi wé bí a ṣe ń sẹ́ ògì, níbi tí èèrí ti ń dúró sórí asẹ́ tí a ó sì dà á nù. Ẹni tó fẹ́ tún yàrá ṣe ló jọ, tó kó gbogbo ẹrù síta pátá, tó wá ń ṣà á padà sínú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níta. Ìdọ̀tí tó kù níta yẹn ni ìtọ̀.

Ní báyìí, ká ní asẹ́ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé mílílítà 30 péré ló ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Lítà 43 lójúmọ́ ṣì nìyẹn. Kíndìnrín lè yọ lítà mẹ́ta ìtọ̀ nínú 43 láìlàágùn. Kódà tó bá já sí mílílítà 10, lítà 14 ṣì ń kọjá lójúmọ́. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi ń ya jáde títí ọ̀rọ̀ yóò fi bàjẹ́ jìnnà. Ìdìde òru tí bọ̀dá fi ń yangàn sì lè jẹ́ àmì àìsàn náà gan-an: kíndìnrín tó le máa ń fún ìtọ̀ pọ̀ kó ki lóru kí oníǹkan lè sùn, èyí tó ti ń rẹ̀wẹ̀sì kò lè fún un mọ́, ìtọ̀ á máa jáde ní títẹ́ bí omi lásán.

Kí ló wá ń pinnu bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ tó? Agbára mẹ́ta ló ń fa á mọ́ra wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú òpó ń ti omi síta; iye tí ìwé máa ń lò fún un ni 60 mmHg. Èròjà amúaradàgbà tí kò lè kọjá ń fa omi padà sínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú agbára 32. Omi tó ti wà nínú ife tẹ́lẹ̀ náà ń ti èyí tó ń bọ̀ padà, 18 ni tirẹ̀. Ẹ yọ 32 àti 18 kúrò nínú 60, ó ku 10. Mẹ́wàá péré! Ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́wàá yìí ń mú mílílítà 12.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí asẹ́ pé, ibẹ̀ la ti rí 125.

Ẹ wo bí 10 yẹn ṣe kéré tó, ẹ ó rí ìdí tí nǹkan kékeré fi ń da ilé rú. Òpó kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ asẹ́, òmíràn ń gbé e jáde. Ara ń fún wọn, ó sì ń tú wọn, bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún róbà omi. Oògùn ara ríro bí ibuprofẹ́nì máa ń dí kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí òpó ìwọlé fẹ̀ nígbà tí kíndìnrín bá wà nínú ìnira. Tí òpó yẹn bá fún, tí 60 já sí 55, tí àwọn méjì yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, 10 di 5, sísẹ́ dín kù sí ìdajì. Ní ti bàbá àgbà tí ẹ̀yà ara ìdí àpò ìtọ̀ rẹ̀ wú tó dí ọ̀nà ìtọ̀, ìtọ̀ tó dúró yóò ti omi inú ife sẹ́yìn. Tí 18 bá gun 28, kò kù ohun tó ń sẹ́ mọ́. Bàbá náà ni ẹ ó sì rí tó ń sáré lọ sí ilé ìtọ̀ lemọ́lemọ́, tó ń tọ̀ ní díẹ̀díẹ̀.

Omi mímu kò sí nínú ìṣirò yìí. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú òpó ńlá bá wà láàárín nǹkan bí 80 sí 170, kíndìnrín ń tún àwọn òpó rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀, sísẹ́ kì í sì yí padà púpọ̀. Ẹni tó bì tó sì ṣu gbuuru títí omi fi tán lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi kàn, torí ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má rí ìtọ̀ tọ̀ jẹ́ àmì ewu lóòótọ́. Ìtọ̀ tó kéré jù lè kìlọ̀ fún wa. Ìtọ̀ tó pọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni láre.

Bọ̀dá ní kí n fi hàn òun nínú ìwé. Mo ní kó lọ gba ìtọ̀ wákàtí 24 wá. Ohun tí à ń wá ni kiriatínìnì, pàǹtírí tí iṣan ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lójoojúmọ́. À ń béèrè pé: ìwọ̀n omi ẹ̀jẹ̀ mélòó ni kíndìnrín fọ̀ mọ́ kúrò lára kiriatínìnì ní ìṣẹ́jú kan? Ìfọ̀mọ́ là ń pe èyí, bí a sì ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí:

```
C = (U × V) / P
```

U ni kiriatínìnì inú ìtọ̀, V ni ìtọ̀ tó jáde ní ìṣẹ́jú kan, P ni kiriatínìnì inú ẹ̀jẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì tí bọ̀dá kọ́kọ́ gbé wá ní mílílítà 1,440. Ìṣẹ́jú 1,440 ló wà nínú wákàtí 24, nítorí náà V jẹ́ 1. U jẹ́ 60 mg/dL, P jẹ́ 4.0. Ó já sí mílílítà 15. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n èmi kò gbà á gbọ́. Kiriatínìnì inú kẹ́ẹ̀gì náà lápapọ̀ jẹ́ mg 864, ìyẹn bíi 11 fún kílò ara kan. Ọkùnrin tó ki bẹ́ẹ̀ yẹ kó tó nǹkan bíi 20. Mo bi í bóyá gbogbo ìtọ̀ ló wọnú kẹ́ẹ̀gì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí tí òun tọ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù látàárọ̀ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà wà nínú rẹ̀?

Mo tún un ṣàlàyé fún un: tó bá jí láàárọ̀, kó tọ èyí àkọ́kọ́ dànù, kó kọ agogo sílẹ̀, kó sì máa gba gbogbo èyí tó kù títí dé agogo kan náà lọ́jọ́ kejì, kó fi ìtọ̀ agogo yẹn parí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mílílítà 2,880 ló gbé wá. V di 2, U ṣì jẹ́ 60, àpapọ̀ di mg 1,728, èyí sì bá ara rẹ̀ mu. 60 lọ́nà 2 jẹ́ 120, ẹ pín in sí 4.0: mílílítà 30.

Mo fi ti ẹlẹgbẹ́ mi kan tó le koko hàn án. Ìtọ̀ tirẹ̀ jẹ́ mílílítà 1,440, ìdajì ti bọ̀dá. U jẹ́ 120, V jẹ́ 1, P jẹ́ 1.0. Mílílítà 120. Ẹni tó ń tọ̀ ní ìlọ́po méjì ń sẹ́ ìdámẹ́rin péré. Bọ̀dá ní, "Tí òun náà bá mu omi gan-an ńkọ́?" Ìtọ̀ rẹ̀ yóò di 2,880, V di 2, ṣùgbọ́n kiriatínìnì kan náà ló pò mọ́ omi púpọ̀, U yóò já sí 60. 60 lọ́nà 2, 120 náà ni. V ń gòkè, U ń sọ̀ kalẹ̀, ìdáhùn ò kúrò níbi tó wà.

30 tiẹ̀ ti ṣe bọ̀dá lójú àánú díẹ̀. Kiriatínìnì tó wà nínú ìtọ̀ kì í ṣe èyí tó gba asẹ́ kọjá nìkan. Ara òpó kíndìnrín ń tú díẹ̀ sí i lẹ́yìn asẹ́, bí kíndìnrín bá sì ṣe ń burú sí i ni ìpín èyí ń pọ̀ sí i. Sísẹ́ rẹ̀ gangan kò tó 30. Èròjà kan tó ń jẹ́ inúlínì, tí kì í ṣe ínsúlínì o, ni kì í purọ́: asẹ́ nìkan ló ń gbà kọjá, wọn kì í fà á padà, wọn kì í sì í fi kún un. Àmọ́ gígún un sára ẹni fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni, láàbù ojoojúmọ́ kò lè máa ṣe é.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí bọ̀dá kò lo oògùn sí fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ba àwọn asẹ́ náà jẹ́, iye 12.5 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló dín kù, torí asẹ́ tó kù kò pọ̀ mọ́. Ó sì jẹ́wọ́ pé òun ń gbé ibuprofẹ́nì mì lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀yìn tó ń dun òun lábẹ́ mọ́tò. Dókítà gba ìyẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní oògùn ìfúnpá, ó sì ní kó padà wá gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ̀dá bi mí bóyá kí òun dín omi mímu kù. Mo ní kó mu ún bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ ẹ́.