Àtúnṣe: Orúkọ “ICE” Kò Tó Lórí Fóònù Tí A Tì

“Ẹ fi ‘ICE’ ṣáájú orúkọ ẹbí yín nínú fóònù; bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni yóò rí ẹni tí yóò pè.”

Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyí, ICE sì dúró fún “In Case of Emergency”, ìyẹn bí pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀; ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí Bob Brotchie, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá àbá náà ní 2005, ọ̀pọ̀ fóònù kò ní títì. Lónìí tí a máa ń ti fóònù, ẹni tó fẹ́ gbà yín là kò lè dé ibi tí àwọn nọ́ńbà wà.

Lórí áífóònù, ẹ ṣí áàpù Health, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ yan Medical ID, ojú ewé ìlera yín fún pàjáwìrì, lẹ́yìn náà Edit, kí ẹ sì tan Show When Locked, nítorí bí ẹ kò bá tàn án, ohun tí ẹ kọ kò ní hàn lójú fóònù tí a tì. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, tí pẹnisílíìnì kò sì bá lára mu, yóò kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ti fóònù, kí ó tẹ Emergency, kí ó sì tẹ Medical ID, láti rí i dájú pé ó hàn.

Ẹnikẹ́ni tí fóònù bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè kà á, nítorí náà, mo rọ̀ yín pé kí ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé síbẹ̀.