Fọ́ọ̀mù SCAF kì í ṣe inṣọ́ransì o

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri gúrúùpù nípa SCAF, fọ́ọ̀mù tí ọmọ IT máa ń fún ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò IT. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Ẹ̀yin ọmọ IT, tẹ́ ẹ bá ti fi SCAF sílẹ̀ ní ITF, inṣọ́ransì yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fara pa, ITF ló máa sanwó ọsibítù, kò kan kọ́ńpìnì."

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mi ò bá ẹni tó fi ránṣẹ́ wí, fọ́ọ̀mù tó ní sítáǹpù lórí máa ń jọ nǹkan ńlá. Àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kí ITF mọ̀ pé o ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó o wà.

Ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ní òfin tiẹ̀, ti ọdún 2010, àjọ ìjọba mìíràn tó ń jẹ́ NSITF ló ń bójú tó o, ọ̀gá iṣẹ́ ló sì ń dáwó sí i. Òfin yẹn ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú lẹ́tà tí kọ́ńpìnì fi gbà yín.

Ká ní ẹ̀rọ tó ń gé pépà gé ọmọ IT kan níka ní Ṣómólú lọ́jọ́ kẹta oṣù. Ọjọ́ 14 ló ní láti sọ fún ọ̀gá, ìyẹn ni pé kó má kọjá ọjọ́ 17, kó kọ ọjọ́, ibi àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó sì ya fọ́tò ìwé náà. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni "a ti dì í fún ẹ ní kẹ́mísì, ó ti tán," láìsí ìwé kankan.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi sátífíkéètì NSITF tọdún yìí hàn yín. Tí ilé ìwé bá gbowó inṣọ́ransì, ẹ bèèrè nọ́ńbà ìwé inṣọ́ransì náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn.