"Mo ti kúrò níbi iṣẹ́ kí n tó kọ ọ́": àwíjàre tí kì í gbani

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló gbà pé tí àwọn bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ fún ọjọ́ náà, ohun tí àwọn bá fi fóònù ara àwọn kọ sórí ayélujára kò kan ọ̀gá mọ́. Àwọn kan á tún kọ ọ́ síwájú ojú ìwé wọn pé èrò tàwọn nìkan nìyí, ọkàn wọn á sì balẹ̀. Ẹjọ́ méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé aago nìkan kọ́ ni adájọ́ ń wò. Ó ń wò bóyá ọ̀rọ̀ náà so mọ́ iṣẹ́.

Ní 2011, máníjà kan nílé iṣẹ́ tó ń bójú tó ilé gbígbé ní Trafford sọ lórí Fesibúùkù, lọ́jọ́ Àìkú, pé ṣíṣe ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì ti kọjá ààlà. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lójú ìwé rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń kà á. Ilé iṣẹ́ já ipò rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì ní àwọn á gé ìdá 40 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀.

Ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 2012. Pé ìsinmi ni wà lára ohun tí adájọ́ kà, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́ ló gbà á. Adájọ́ ní ẹni tó bá ka ìwé náà kò ní rò pé ilé iṣẹ́ ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, àti pé kò fi èébú sọ ọ́. Síbẹ̀, owó tó gbà kò tó 100 pọ́n-ùn! Ẹjọ́ àdéhùn iṣẹ́ ló pè, adájọ́ sì ka jíjá tí wọ́n já ipò rẹ̀ wálẹ̀ sí ìdáṣẹ́dúró, nítorí náà ìyàtọ̀ owó oṣù láàárín àkókò ìkìlọ̀ ìdáṣẹ́dúró nìkan ni wọ́n lè ṣírò fún un. Ẹjọ́ ìdáṣẹ́dúró láìtọ́, tó lè mówó gidi wá, ní gbèdéke oṣù 3 nígbà náà, ó sì ti jẹ́ kó kọjá.

Ti 2014 yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìtajà gẹ́ẹ̀mù lọ́wọ́ olè àti àdánù ṣí Tuítà tara rẹ̀ kó lè máa tẹ̀lé àwọn ṣọ́ọ̀bù ilé iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù 65 tẹ̀lé e padà, ojú ìwé náà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n lé e nítorí ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí tó ń kọ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ tó pè dá a láre, àmọ́ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e: báwo la ṣe lè pe ohun tí ṣọ́ọ̀bù 65 ń kà ní ọ̀rọ̀ àdáni? Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́.

Ẹ wá rí i pé gbólóhùn "èrò tèmi" kò lè já irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè já a ni kí ojú ìwé tí ẹ fi ń bá àwọn ará ibi iṣẹ́ ṣe yàtọ̀ sí ti ilé, kí ti ilé sì wà ní títì. Tí ilé iṣẹ́ bá ti pè yín lórí ohun tí ẹ kọ, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tọ́ka sí gan-an, ọjọ́ tó jáde, àwọn tó rí i, àti ìlà tó rú nínú òfin ilé iṣẹ́, kí wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó fèsì, ẹ wádìí gbèdéke ọjọ́ ìpẹ̀jọ́ níbi tí ẹ wà.