Ẹni tó fi orúkọ mi sílẹ̀ fún iṣẹ́: ìgbà wo ni kí n dúpẹ́?

Tósìn: Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí n'Íkẹjà fi orúkọ mi sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀ tuntun. Wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, wọn ò tíì fèsì. Ṣé kí n dúpẹ́ báyìí ni, àbí kí n dúró dèsì?

Ìyá Ìbejì: Dúpẹ́ báyìí jàre. Iṣẹ́ bọ́ sí i o, kò bọ́ sí i o, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún ẹ.

Àkànní: Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ sí i. Ọpẹ́ ẹnu lásán kọ́.

Bọ́dà Fẹ́mi: Àkànní, má kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ni mo wà. Owó tó bá wọlé kí èsì tó jáde, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa pè é, ẹ̀gbọ́n yẹn ló sì máa rojọ́. Tósìn, kọ ọ́ sí i lórí Wọ́sáàpù lónìí: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó ń bínú ni wọ́n bi mí jù. Wọ́n ní àwọn á pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ dárúkọ mi." Ó parí. Má ní kó bá ẹ lọ béèrè èsì.

Àkànní: Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kẹ̀! Owó epo ọkọ̀ ni! Nílé wa, a kì í kí àgbà lọ́wọ́ òfo.

Kọ́lá: Ilé iṣẹ́ wo ni? Ṣé wọ́n ṣì ń gba èèyàn?

Ṣadé: Èmi náà fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀ rí. Wọ́n fún un níṣẹ́, ó kọ̀ ọ́, kò sọ fún mi. Ẹnu ọ̀gá mi ni mo ti gbọ́ ọ, nínú ìpàdé, níwájú gbogbo èèyàn. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà náà.

Àkànní: Ilé iṣẹ́ mìíràn kúkú máa ń sanwó fún ẹni tó mú èèyàn wá. Ẹ̀gbọ́n yẹn á ti gba tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì: O ní kó fowó ránṣẹ́, o tún ní ó ti gbowó. Èwo la ó mú níbẹ̀?

Bọ́dà Fẹ́mi: Kò tíì gbà á. Níbi tí wọ́n ti ń san án, ó sábà máa ń di ìgbà tí ẹni tuntun bá lo oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà. Torí náà, Tósìn, tó o bá wọlé, sọ fún un lọ́jọ́ tó o bẹ̀rẹ̀, kó o tún sọ fún un lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ẹ ní lẹ́tà pé wọ́n ti gbà ẹ́ pátápátá. Ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé ó yẹ kóun béèrè owó òun.

Àkànní: OWÓ NI ỌPẸ́! Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Ìbejì: Fi nọ́ńbà àkáǹtì ẹ sílẹ̀, ká dúpẹ́ ìmọ̀ràn.

Àkànní: Mo mọ̀ pé ìjà lẹ bá wá.

Kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, ilé iṣẹ́ wo ni?