Èyí tó yàtọ̀ kọ́ ló máa ń jẹ̀bi

Ẹni tó bá ti ṣe pírátíkà físíìsì rí á mọ ìmọ̀ràn yìí: wọn nǹkan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, fagi lé èyí tó bá yàtọ̀, ro ìyókù pọ̀, kí o sì fi iye wọn pín in. Ọ̀pọ̀ wa la gbà á bí òfin. Kì í ṣe òfin o.

Àwọn ọmọ kan so òkúta kékeré mọ́ okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, wọ́n jẹ́ kó máa fì. Wọ́n ń fi aago wo ìṣẹ́jú-àáyá tó máa fi fì lọ fì bọ̀ ní ìgbà 20. Ọmọkùnrin kan ló ń kà á. Ohun tí wọ́n rí ni 27.0, 26.9, 27.1 àti 27.0. Ní ìgbà karùn-ún, ikọ́ gbé ọmọ náà, ẹlòmíì bá a kà á. Aago wá sọ pé 28.4.

Kíá, wọ́n fa ìlà pupa sórí 28.4. Àárín mẹ́rin tó kù jẹ́ 27.0. Àlàfo láàrin èyí tó kéré jù àtèyí tó pọ̀ jù kò ju 0.2 lọ, wọ́n pín in sí méjì, wọ́n kọ ±0.1 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n àṣìṣe tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Ó rẹwà lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ fi í ṣírò g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí nǹkan tó ń já bọ́ máa yára sí i. L ni gígùn okùn ní mítà, T sì ni ìṣẹ́jú-àáyá tí òkúta fi ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan:

```
g = 4π²L/T²
T = 27.0/20 = 1.35  →  g = 10.8
T = 28.4/20 = 1.42  →  g = 9.8
```

9.8 ló yẹ kó jẹ́. Èyí tí wọ́n pa rẹ́ nìkan ló tọ̀nà!

Ìyàtọ̀ 28.4 sí 27.0 jẹ́ 1.4, ìyẹn gan-an sì ni àkókò tí òkúta náà fi ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ àkọ́kọ́ ti máa ń pe "oókan" bó ṣe ń jù ú sílẹ̀, nígbà tí kò tíì fì rárá. Tó bá fi máa dé "ogún", 19 péré ló ti fì. Ẹni kejì bẹ̀rẹ̀ láti "òdo".

±0.1 yẹn kò purọ́, ohun tó mọ̀ nìkan ló sọ: bí ọwọ́ ṣe ń yá tàbí pẹ́ díẹ̀ lórí bọ́tìnnì aago. Kò lè mọ̀ pé òǹkà ti kùnà, torí àṣìṣe kan náà ló wà nínú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kódà bí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà ọgọ́rùn-ún, àárín ò ní kúrò ní 27.0. Kíkó márààrún pọ̀ náà ò gbà wọ́n, 27.3 nìyẹn máa fún wọn.

Èyí tó yàtọ̀ máa ń jẹ̀bi nígbà míì lóòótọ́. Ká ní 28.4 ni mẹ́rin, tí ọ̀kan jẹ́ 29.8, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ka ogún kọjá. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú táblì, ẹ wá ohun tó fà á, ẹ tún un wọ̀n. Bí ẹ ò bá rí ìdí kankan, ẹ má yọ ọ́.

Àwọn ọmọ yẹn tún un ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òdo: 28.4, 28.3, 28.5.