Kinní tó ń wálẹ̀ tóo bá fẹ́ wọ rọ́bà, kì í ṣe jẹdíjẹdí ló ń ṣe é

Bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni bọ̀bọ́ kan tó ń lẹ táìsì wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì mi ní Ìjòkà níbí, n'Ákùúrẹ́, ó dúró títí gbogbo kọsítọ́mà fi lọ tán, ó wá rọra sún mọ́ kàńtà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lóògùn tó lágbára." Mo ní oògùn kí ni? Ó wolẹ̀. Ó ní òun àti àfẹ́sọ́nà òun ni, gbogbo nǹkan á máa lọ dáadáa, kinní òun á le bí irin, àmọ́ tóun bá ti mú rọ́bà, kóun tó yí i dé ìdí, ó ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti ṣẹlẹ̀. Ó ti mu àgbo jẹdíjẹdí ìgò mẹ́ta, ó ti fi ṣúgà sílẹ̀, kódà kò mu gàrí mọ́, ibi tó wà náà ló wà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ó bínú ju rọ́bà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ṣe é láìwọ nǹkan kan, kinní ò sì wálẹ̀ rárá. Ló bá gbà pé rọ́bà ló ń pa á, àti pé okun òun ti ń lọ.

Ohun tó sọ yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú yìí gbà gbọ́. Tó bá ti wálẹ̀ nídìí rọ́bà, wọ́n á ní jẹdíjẹdí ni, tàbí kí wọ́n ní òróró tó wà lára rọ́bà ń wọnú iṣan lọ. Irọ́ ni méjèèjì, àwọn tó gbà á gbọ́ ló sì ń dá rọ́bà dúró tí wọ́n ń gba àtọ̀sí àti oyún tí wọn ò múra ẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo bi í. Mo ní ṣé ó máa ń le tóo bá jí láàárọ̀? Ó ní ojoojúmọ́. Mo ní tóo bá dá wà tóo fọwọ́ ṣe é ńkọ́? Ojú tì í díẹ̀, ó ní ó máa ń le, ó sì máa ń dúró. Mo ní ó tán, ara ẹ ò ní nǹkan kan. Torí àìsàn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan jẹ́, irú ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára, kì í yan ìgbà tóo mú rọ́bà dání nìkan kó tó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Á hàn láàárọ̀, á hàn nígbà tóo dá wà. Èyí tó jẹ́ pé ìdí rọ́bà nìkan ló ti ń wálẹ̀, ìdí rọ́bà náà ni kóo ti wá a.

Ẹ wò ó, kinní ọkùnrin ò ní egungun. Ẹran inú ẹ̀ dà bí kànìnkànìn, tí ọkàn bá ti balẹ̀ tí ara sì ń gbádùn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọnú kànìnkànìn yẹn, á wú, á dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ì bá fi jáde, òun ló ń jẹ́ kó le. Àmọ́ tí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara á da àdírẹ́nálìnì sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó máa ń dà tí ajá bá lé ẹ, tí àyà ẹ fi ń lù kìkìkì. Àdírẹ́nálìnì yẹn á fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń jáde ju bó ṣe ń wọlé lọ, kinní á rọ̀. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wá wo ohun tí bọ̀bọ́ yìí máa ń ṣe. Wọ́n á ti dì mọ́ ara wọn, á wá fò dìde, á lọ tú àpò ṣòkòtò, á máa fi eyín ya páálí, ọwọ́ ń gbọ̀n, á kọ̀yìn sí obìnrin, kò mọ apá tí rọ́bà ń yí sí nínú òkùnkùn. Gbogbo àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án mọ́, ọkàn ẹ̀ sì ti kúrò lára obìnrin, ó ń ṣọ́ kinní bóyá ó ṣì le. Bó ṣe ń ṣọ́ ọ ló ń bẹ̀rù, bó ṣe ń bẹ̀rù ló ń rọ̀, ìgbà tó bá sì máa di ọjọ́ mìíràn, kó tó fọwọ́ kan páálí ni ẹ̀rù ti dé. Ìdí nìyẹn tó fi dúró lọ́jọ́ tí wọn ò lo rọ́bà, kò sídìí láti sinmi lágbedeméjì, kò sì sóhun tó ń ṣọ́.

Ibì kan wà tí rọ́bà fúnra ẹ̀ lè jẹ̀bi o, mi ò ní purọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n fi bẹnsokéènì sí inú wọn, àwọn tí wọ́n ń ta pé ó ń jẹ́ kéèyàn pẹ́, oògùn tó ń mú ara kú tipiri ni bẹnsokéènì, tí ara ò bá mọ nǹkan kan mọ́, kinní lè rọ̀. Ẹni tó bá ń ní ìṣòro yìí kó má ra irú ẹ̀. Ìkejì ni rọ́bà tó fún jù. Ẹ tú páálí wo, wọ́n sábà máa ń kọ fífẹ̀ ẹ̀ síbẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 52 sí 54 tóo bá tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ. Tí kinní bá ti le, fi okùn yí i ká níbi tó tóbi jù, kóo wá fi rúlà wọn okùn náà. Tó bá wà láàrin sẹ̀ńtímítà 11 sí 12, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin wà, èyí tó wọ́pọ̀ yẹn ti tó o. Tó bá ti ń sún mọ́ 13 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, wá èyí tó jẹ́ 56 tàbí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀bọ́ mi yìí wọn tiẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13. Ó sọ fún mi pé tóun bá bọ́ rọ́bà, ipa rọ́ńdọ́ńdọ́ kan máa ń wà nídìí ẹ̀ tó máa ń dùn ún, òun rò pé bó ṣe máa ń rí fún gbogbo èèyàn nìyẹn ni. Má wá torí pé o fẹ́ jẹ́ gìrìpá ra ńlá o, èyí tó bá tóbi jù fún ẹ lè yọ̀ bọ́ sínú obìnrin.

Oògùn tó wá rà, mi ò tà á fún un. Ohun tí mo ní kó ṣe ni kó kọ́kọ́ lọ dá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ rọ́bà nílé, kò gbọdọ̀ sóbìnrin níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, àwọn oníwàdìí Kinsey, ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ní Yunifásítì Indiana l'Amẹ́ríkà ti fún àwọn ọkùnrin ní oríṣiríṣi rọ́bà àti jẹ́lì rí, kí wọ́n lọ máa dá lò ó nílé, kí wọ́n máa fọkàn sí bó ṣe ń rí lára. Rọ́bà bíi mẹ́fà ni mo fún bọ̀bọ́ yìí, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó jẹ́ kó le dáadáa kó tó wọ̀ ọ́, torí èyí tí ò tíì le tán, rọ́bà ò ní yí dé ìdí. Kó fi jẹ́lì olómi ẹ̀kán kan tàbí méjì sí orí ẹ̀ nínú, kó má pọ̀, tó bá pọ̀ á máa yọ̀. Kó fún orí rọ́bà pọ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọbẹ̀, kó yí i dé ìdí, kó wá máa fọwọ́ ṣe é lọ. Ibi tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ rèé: kó mọ̀ọ́mọ̀ dúró, kó jẹ́ kó rọ̀, kó bọ́ rọ́bà yẹn, kó tún jẹ́ kó le padà, kó wọ òmíràn. Tí ojú ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin pé ohun tó rọ̀ máa ń le padà, ẹ̀rù yẹn ò ní lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nípa jẹ́lì, ẹ gbọ́ o. Fasilíìnì, òrí, àdín, òróró ìpara, kò gbọ́dọ̀ kan rọ́bà látẹ́ẹ̀sì, wọ́n á jẹ ẹ́, á bẹ́. Jẹ́lì olómi tàbí ti sílíkóònù ni kẹ́ ẹ béèrè.

Tó bá wá di ọjọ́ obìnrin, kí rọ́bà méjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, kí ọwọ́ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Kí iná díẹ̀ wà. Kóo má kọ̀yìn sí i, ẹ ṣì máa fẹnu ko ara yín lẹ́nu, kó ṣì máa fọwọ́ pa ẹ́ lára, kódà kóun fúnra ẹ̀ bá ẹ wọ̀ ọ́, tí wíwọ̀ yẹn bá ti di ara eré, kò sígbà tí ara fẹ́ tutù. Kẹ́ ẹ sì ti sọ ọ́ ṣáájú, lójú ọ̀sán, nígbà tẹ́ ẹ wọṣọ. Bọ̀bọ́ yìí ò fẹ́ sọ, ó ní ọmọbìnrin náà á fojú tín-ín-rín òun. Ìgbà tó sọ ọ́ tán lọmọbìnrin náà ní òun ti ń rò ó pé ara òun ni kò wù ú mọ́.

Tóo bá wọ̀ ọ́ sódì, jù ú nù, má yí i padà, omi tó ti kán síbẹ̀ lè gbé àrùn tàbí àtọ̀ dání. Tó bá rọ̀ nínú obìnrin, di ìdí rọ́bà mú kóo yọ jáde kó má bàa há sínú. Èyí táwọn èèyàn máa ń ṣe pé ká kọ́kọ́ wọlé díẹ̀ láìwọ nǹkan, tó bá ti le dáadáa ká wá wọ̀ ọ́, ẹ má dán an wò, àrùn ò dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí. Torí ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún yẹn ni mo ṣe ní káwọn méjèèjì lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì éèdì.

Ẹ má mu paraga tàbí ògógóró kọ́kàn lè balẹ̀. Ó lè lé ìtìjú lọ lóòótọ́, àmọ́ ọtí tó bá pọ̀ ń mú iṣan sùn. Oògùn búlúù tí wọ́n ń pè ní Fáyágírà náà, ẹ má rà á fúnra yín, ẹni tó bá ń lo oògùn náítíréètì fún àyà, ìfúnpá ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì kó sì gbẹ̀mí ẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ ò le láàárọ̀ mọ́, tí ò sì le tó bá dá wà, tó ti ń lọ bí oṣù mẹ́ta, ìyẹn kúrò lọ́rọ̀ rọ́bà, kó lọ rí dókítà, ọsibítù ńlá Yúnímẹ́ẹ̀dì wà n'Ákùúrẹ́, ó wà l'Óǹdó, kó ní kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ìfúnpá òun wò.

Bọ̀bọ́ onítáìsì padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó ní nínú ẹ̀ẹ̀marùn-ún táwọn ti wà pa pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ló wálẹ̀, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, wọ́n bọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ṣí ìkejì. Ó ra páálí méjì, oníwọ̀n 56, pẹ̀lú jẹ́lì.