Mi ò fò, owó mi ló fò

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi kó má bàa di ẹ̀jẹ̀ ríru sí mi lára.

Aṣọ òkè tí mo dá ní Ògìdì fún ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ mi ṣì wà nínú àpótí báyìí. Bí ahunṣọ ṣe dì í fún mi náà ló wà, n kò tíì tú u. Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kí n ti wé gèlè rẹ̀ lóṣù Keje, ṣùgbọ́n Kàbà níbí lèmi àti aṣọ jọ jókòó sí. Wọ́n kọ̀ láti fún mi ní físà. Mo ti gba ìyẹn fún Ọlọ́run. Èyí tí n kò gbà ni ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo ní kí wọ́n dá owó tíkẹ́ẹ̀tì tí n kò lò padà fún mi.

₦1,685,000 ni mo kà fún ẹ́jẹ́ńtì kan ní Lọ́kọ́ja. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú ẹ̀, owó ọjà mi wà nínú ẹ̀. Kí ni mo tilẹ̀ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sí nígbà tí n kò tíì rí físà? Òun ló ní dandan ni. Ó ní bí àwọn òyìnbó bá rí i pé mo ti sanwó ọkọ̀, wọ́n á mọ̀ pé mi ò ṣeré. Irọ́ gbáà! Ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ tán ni ọmọ mi wá ka ìwé tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kọ nípa físà àbẹ̀wò fún mi. Wọ́n to àwọn ohun tí kò yẹ kéèyàn máa kó wá síbẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú sì wà lára wọn, pẹ̀lú yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti fọ́tò. Ohun tí wọn ò béèrè ni mo lọ fi owó ọjà rà.

Ọjọ́bọ̀ ni mo gba pásípọ́ọ̀tù mi padà ní Àbújá, pẹ̀lú lẹ́tà tó ní kò dá wọn lójú pé màá padà sílé. Èmi tí mo ní ìsọ̀ méjì lọ́jà! Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí ọkọ̀ òfurufú gbéra, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jẹ mí run. N kò tíì kúrò ní Àbújá tí mo fi pe ẹ́jẹ́ńtì. Mo ya lẹ́tà náà ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí i lórí wàsáàpù. Ó dáhùn pé, "Mọ́mì, ẹ má wòyà rárá. Rìfọ́ńdì yín ti dájú, lẹ́tà ẹ́ńbásì ti wà. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Mo bá fi sílẹ̀ fún un. Mo wọ mọ́tò padà sílé, mo fara da tírélà sìmẹ́ńtì ní ọ̀nà Ọ̀bájànà, ọkàn mi balẹ̀ pé owó mi ń bọ̀.

Ọmọkùnrin yìí ò ṣe nǹkan kan ní Ọjọ́ Ẹtì. Kò ṣe nǹkan kan ní Sátidé. Ọjọ́ Àìkú, ó lọ síbi ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe lánàá, ó ń jẹ àjẹkù. Ọjọ́ Ajé, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ fò. Ọjọ́rú ló tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti fagi lé ìjókòó mi.

Lójú tèmi nígbà yẹn, kí ló burú níbẹ̀? Ṣebí èèyàn tí ò ní físà ò lè wọkọ̀. Ọ̀tọ̀ ni bí àwọn yẹn ṣe ń wo ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fagi lé ìjókòó rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, oníbàárà tó yí ọkàn padà ni. Ẹni tó bá dákẹ́ tí ọkọ̀ fi lọ, orúkọ mìíràn ni wọ́n máa ń kọ sí i lára: NO-SHOW. Ẹni tí wọ́n retí, tí kò yọjú. Ìjókòó rẹ̀ lọ lófìfo, wọn ò rí i tà fún ẹlòmíràn. Wọn kì í bi í pé àìsàn ni tàbí físà ni. Ìtanràn tirẹ̀ dúró lọ́tọ̀, ó sì máa ń wúwo ju ti ẹni tó sọ̀rọ̀ lásìkò lọ. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú míì tilẹ̀ wà, bó bá ti di NO-SHOW, owó ọkọ̀ ti lọ pátápátá nìyẹn, owó orí nìkan ló kù téèyàn lè béèrè.

Ẹ wá wo tèmi. Ọmọ mi ló bá mi tú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà lórí fóònù, ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. ₦35,000 nínú owó mi, ẹ́jẹ́ńtì ló mú un gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn kì í padà. Ó ku ₦1,650,000 tó jẹ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Èmi rò pé owó ọkọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n pín in sí. FARE, ìyẹn owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́ ₦900,000. Lẹ́tà méjì kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, YQ, ₦320,000. Ìyókù, ₦430,000, jẹ́ owó orí àti owó pápákọ̀: NG jẹ́ ti ìjọba tiwa níbí, GB ni owó orí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà lórí ẹni tó bá wọkọ̀ òfurufú kúrò nílùú wọn, UB sì ni ti pápákọ̀ wọn.

YQ yìí ni kí ẹ bá mi bú. Wọ́n kọ ọ́ sáàárín owó orí, ẹni tó bá rí i á rò pé ìjọba kan ló ń gbà á. Kò sí ìjọba kankan níbẹ̀! Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fúnra wọn ló fi kún un, wọ́n ní owó epo àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tíkẹ́ẹ̀tì tèmi sì sọ pé kò sí ọ̀nà tí ìyẹn fi máa padà, bóo fò, bóo ò fò. ₦320,000 owó epo, fún ara tí kò wọ ọkọ̀!

Owó orí ní tirẹ̀ padà pé. Ó yẹ kó padà, àbí kí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ èmi tí n kò tẹ ilẹ̀ wọn, kí n tó wá wọkọ̀ kúrò níbẹ̀?

Ó wá ku owó ọkọ̀. Òfin tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì mi ni pé bí mo bá fagi lé e kí ọkọ̀ tó gbéra, ₦280,000 ni wọ́n máa yọ. Gbólóhùn kan tẹ̀lé e: bó bá jẹ́ físà ni wọn ò fún mi, tí mo sì mú lẹ́tà ẹ́ńbásì wá, wọn ò ní yọ kọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ ṣá? Lẹ́tà náà wà ní fóònù ọmọkùnrin yìí láti Ọjọ́bọ̀. Ká ní ó ṣe é ní Ọjọ́ Ẹtì, ₦900,000 àti ₦430,000 ni ì bá padà, ₦1,330,000. Ṣùgbọ́n nígbà tó ti di NO-SHOW, lẹ́tà ẹ́ńbásì di ìwé tí wọ́n lè fi di ẹ̀pà. ₦420,000 ni wọ́n gé. ₦910,000 ló kù.

Nígbà tí mo wá pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà fúnra mi, ọmọbìnrin tó gbé fóònù ló jẹ́ kí orí mi gbóná tán. Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní òótọ́ ni pé tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ́jẹ́ńtì bá tà, ẹ́jẹ́ńtì náà ló gbọ́dọ̀ béèrè owó rẹ̀ padà, àwọn ò lè san án sọ́wọ́ mi. Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n ìjókòó yín, Mà, ẹ̀yin fúnra yín lè pè wá kí á fagi lé e. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Ìṣẹ́jú márùn-ún! Mo ní nọ́ńbà tí wọ́n fi gba ìjókòó mi lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́fà tó wà lókè ìwé. Ká ní mo tilẹ̀ tẹ òun àti orúkọ ìdílé mi sórí ìkànnì wọn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ǹ bá ti rí i pé CONFIRMED ló ṣì wà níbẹ̀, ǹ bá ti mọ̀ pé ẹni tí mo fi ṣọ́lé ti sùn.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀. Oṣù Kẹjọ, mo pè é. "Mọ́mì, wọn ò tíì san án." Oṣù Kẹsàn-án, "Àwọn òyìnbó yìí ló ń fi nǹkan falẹ̀, Mọ́mì." Oṣù Kẹwàá, kò gbé fóònù mọ́. Fọ́tò tuntun ló gbé sórí wàsáàpù, ó jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo tún pe ọmọbìnrin ọjọ́sí. Ó ní kí n ka nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì fún òun, kì í ṣe lẹ́tà mẹ́fà yẹn o, nọ́ńbà onídíjíìtì 13 ni, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Mo kà á. Ó ní bí owó bá ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn, OPEN ni òun máa rí. Ohun tó rí ni REFUNDED, láti ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ìyẹn ni pé wọ́n ti yanjú owó náà fún ẹ́jẹ́ńtì nínú ètò ìṣírò tí àwọn àti àwọn ẹ́jẹ́ńtì jọ ń lò, BSP ni wọ́n ń pè é. Gbogbo oṣù Kẹwàá tí kò gbé fóònù mi, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ lowó mi wà!

Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn sí ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí i: nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n san án. N kò bú u. Láàárín wákàtí kan, ₦500,000 wọlé. Ó ní òun ti yọ ₦30,000 owó wàhálà òun, ìyókù ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wàhálà wo? Wàhálà oorun?

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti di oṣù mẹ́ta. ₦380,000 ló kù lọ́rùn rẹ̀, bí mo bá tilẹ̀ gbà fún un pé kó jẹ ₦30,000 yẹn, n kò sì gbà. Ọjọ́ Ajé ni màá wọkọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja. Màá gbé àpótí ìjókòó mi dání láti ọjà, màá gbé e sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, màá sì wé gèlè aṣọ òkè Ògìdì yẹn, kó lè rí mi dáadáa.